Tẹlifíṣọ̀n 4K ní ilé géèmù: ẹ̀rọ wo ló lè ya àwòrán tó máa kún un?

Bí ẹ bá yà sí ilé géèmù kan ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá tẹlifíṣọ̀n tuntun tí wọ́n kọ 4K sí lára lórí ògiri, kí ẹ sì bá PlayStation 4 àlòkù lábẹ́ rẹ̀. Onílé géèmù ti kó owó tó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́ lé tẹlifíṣọ̀n náà, torí àwòrán tó rí ní ṣọ́ọ̀bù mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn. Ó gbé e délé, ó so ẹ̀rọ géèmù mọ́ ọn, àwọn ọmọ jókòó tì í. Wọ́n ta bọ́ọ̀lù kan tán, ọ̀kan nínú wọn wá ní: "Bọ̀ọ̀dá, tẹlifíṣọ̀n yìí tóbi o, ṣùgbọ́n bí géèmù yẹn ṣe ń rí tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń rí."

Ọmọ náà kò parọ́. Ẹni tó ta tẹlifíṣọ̀n náà kò sì parọ́, torí 4K ni lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni pé tẹlifíṣọ̀n kì í ya àwòrán géèmù, ó kàn ń gbà á ni. Ẹni tó bá ra agbọ̀n tó tóbi, tí igi ọsàn rẹ̀ kò sì so ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kò lè retí kí agbọ̀n náà kún. Nínú ẹ̀rọ géèmù ni igi ọsàn wà, ìyẹn ẹ̀yà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju àwòrán yíyà lọ. Ayàwòrán la ó máa pè é níbí. Bí ìwọ̀n àwòrán bá ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ayàwòrán yìí gbọ́dọ̀ ní ń ga sí i, ó sì ń ga ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ.

Ilẹ̀ tí ayàwòrán fẹ́ ro

Àwòrán ojú tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ohun kan ṣoṣo tó lẹ̀ pọ̀. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké ni wọ́n tò ní ìlà-ìlà bí ebè nínú oko, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Píksẹ̀lì ni wọ́n ń pe ẹyọ kan. Nígbà tí fídíò orí fóònù bá sọ fún yín pé 360p lòun, iye ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló ń sọ: ìlà 360, tí ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní píksẹ̀lì 640. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, yóò jẹ́ píksẹ̀lì 230,400. Ohun tó kéré nìyẹn, tó máa ń rí bàìbàì tí wọ́n bá gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n ńlá.

720p ní ìlà 720 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,280, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 921,600. 1080p ní ìlà 1,080 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,920, àpapọ̀ rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù méjì lọ díẹ̀: 2,073,600. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń da àwọn ènìyàn lójú rú ni 4K, torí níbẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ti yí bí wọ́n ṣe ń kà á padà. Wọn kò ka láti òkè dé ìsàlẹ̀ mọ́, láti ọ̀tún dé òsì ni wọ́n ń kà. Ìlà kan ní píksẹ̀lì 3,840, ó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, òun ni wọ́n ṣe ń pè é ní 4K. Iye ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀ jẹ́ 2,160.

Ẹni tó bá rí 1,080 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 2,160 yóò sọ pé ìlọ́po méjì ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ojú àgbẹ̀ wò ó. Ilẹ̀ kan jẹ́ mítà 20 ní òró àti mítà 20 ní ìbú. Ilẹ̀ kejì jẹ́ 40 ní òró àti 40 ní ìbú. Kò sí alágbàṣe tó máa gba owó ìlọ́po méjì láti ro ilẹ̀ kejì, torí ilẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni 4K rí sí 1080p: ìbú rẹ̀ di méjì, òró rẹ̀ di méjì, píksẹ̀lì rẹ̀ wá di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn 8,294,400. Tí ẹ bá fi wé 720p, ìlọ́po mẹ́sàn-án ni.

Ilẹ̀ yìí kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń ro lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Géèmù bọ́ọ̀lù tó ń lọ geere máa ń fẹ́ kí ayàwòrán yà á ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbà kọ̀ọ̀kan, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: níbo ni bọ́ọ̀lù wà báyìí, ibo ni òjìji agbábọ́ọ̀lù bọ́ sí, àwọ̀ koríko wo ni kó wà ní píksẹ̀lì yìí. Ní 1080p, píksẹ̀lì tó gbọ́dọ̀ kùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ju mílíọ̀nù 124 lọ. Ní 4K, ó ju mílíọ̀nù 497 lọ. Píksẹ̀lì kan ṣoṣo sì lè gba ìṣirò ọgọ́rọ̀ọ̀rún kí àwọ̀ rẹ̀ tó dé.

Ẹnìkan lè béèrè pé, fóònù mi tó kéré yìí ń gbé fídíò 1080p láìsí wàhálà, kí ló dé tí géèmù fi ń dà á láàmú? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé fídíò ti ní ẹni tó yà á tán. Fóònù kàn ń tú ẹrù tí wọ́n ti dì ni, ó sì ní ẹ̀yà kékeré kan tí wọ́n ṣe fún ìtúdì nìkan. Géèmù kò ní àwòrán tí wọ́n yà sílẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ apá ibi tí ẹni tó di pádì mú máa yí sí. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń yà á. Nítorí náà, bí àwòrán 4K ṣe dán ní ṣọ́ọ̀bù kò sọ nǹkan kan fún yín nípa bí géèmù yín ṣe máa rí, fídíò ni wọ́n máa ń gbé síbẹ̀.

Ẹ̀rọ méjì tó jáde ní 2013

Kí ọ̀rọ̀ yìí má bàa dà bí ìṣirò inú ìwé, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ sí àwọn ẹ̀rọ tó wà lọ́jà wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, iléeṣẹ́ Sony gbé PlayStation 4 jáde, Microsoft náà sì gbé Xbox One jáde. Ẹ̀rọ méjèèjì jọ ara wọn nínú. Ilé iṣẹ́ kan náà, AMD, ló ṣe ọpọlọ àti ayàwòrán fún àwọn méjèèjì, èyí ló jẹ́ kó rọrùn láti fi wọ́n wé ara wọn.

Inú ayàwòrán, ẹ̀ka iṣẹ́ pọ̀ tí wọ́n ń kùn píksẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan náà, bí alágbàṣe tó tò sórí ebè. PlayStation 4 ní ẹ̀ka 18. Xbox One ní 12, ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ yá díẹ̀ sí i. Tí wọ́n bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n ń fi tẹráfọ́ọ̀pù wọ̀n ọ́n. Tẹráfọ́ọ̀pù kan túmọ̀ sí ìṣirò mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. PlayStation 4 ní 1.84, Xbox One ní 1.31. Ẹ pín èkíní fún èkejì: agbára PlayStation 4 jẹ́ nǹkan bí 1.4 ti Xbox One.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ nígbà tí géèmù kan náà bá jáde fún àwọn méjèèjì? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ó ń lọ ní 1080p lórí PlayStation 4, ó sì ń lọ ní 900p lórí Xbox One. 900p jẹ́ 1,600 ní ìbú àti 900 ní òró, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,440,000. Ẹ pín 2,073,600 fún iye yẹn, ẹ ó rí 1.44. Ìyàtọ̀ agbára jẹ́ 1.4, ìyàtọ̀ píksẹ̀lì jẹ́ 1.44. Kì í ṣe gbogbo géèmù ló bọ́ sí i geerege báyìí, torí ìrántí ẹ̀rọ náà ní ipa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n fún èmi, kò sí àpẹẹrẹ tó tún hàn gbangba ju èyí lọ: àwọn tó ń ṣe géèmù kò fẹ́ kí eré dúró gbọ̀ọ́n-gbọ̀ọ́n, wọ́n wá dín ilẹ̀ kù títí tí alágbàṣe tó wà nílẹ̀ fi lè ro ó tán lásìkò.

Nígbà tí wọ́n ní kí alágbàṣe 36 ro ilẹ̀ mẹ́rin

Ní 2016, tẹlifíṣọ̀n 4K ti ń pọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Sony gbọ́dọ̀ wá nǹkan tó lè bá a lọ, wọ́n sì gbé PlayStation 4 Pro jáde ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Wọ́n sọ ẹ̀ka 18 di 36, wọ́n tún mú kí ọwọ́ wọn yá díẹ̀ sí i, láti mẹ́gáhàtísì 800 sí 911. Agbára rẹ̀ di tẹráfọ́ọ̀pù 4.2. Ó dára gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì àti ìdá mẹ́ta ti tàtẹ̀yìnwá.

Àmọ́ ẹ rántí pé ilẹ̀ ti di mẹ́rin. Alágbàṣe tó pọ̀ sí i ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀ kò lè ro ilẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin láàárín àkókò kan náà, àfi kí wọ́n rá ibì kan. Ohun tí Sony gbà lámọ̀ràn fún àwọn tó ń ṣe géèmù nìyẹn, ọgbọ́n náà sì dùn mọ́ni. Ẹ̀yin ẹ wo pátákó dáàmù tí àwọn bàbá máa ń ta lábẹ́ igi, tó ní ojú dúdú àti funfun. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, ayàwòrán á kùn ojú dúdú nìkan. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, á kùn ojú funfun nìkan. Ojú tí kò bá kùn, á wo àwòrán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, á sì fi mọ àwọ̀ tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Báyìí, dípò 8,294,400, ìdajì rẹ̀ ló ń kùn lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn 4,147,200. Ìlọ́po méjì 1080p gẹ́lẹ́ nìyẹn. Agbára tó jẹ́ ìlọ́po méjì àti díẹ̀ ti wá rí ilẹ̀ ìlọ́po méjì ro, díẹ̀ tó ṣẹ́kù sì wà fún iṣẹ́ ìtòpọ̀. Iye náà bára mu.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá géèmù kan ń lo ọgbọ́n yìí, ẹ má wo ibi tí nǹkan dúró sí. Níbẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ tí ojú lásán lè rí. Ẹ wo etí nǹkan tó ń sáré: irun orí ènìyàn, wáyà iná, àwọ̀n ojú ilé gólì nígbà tí kámẹ́rà bá ń yí kíá. Ibẹ̀ ni ojú dáàmù máa ń yọ, bí eyín ayùn kéékèèké, torí ohun tó wà níbẹ̀ nínú àwòrán tó kọjá ti kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó yá a lò.

Kì í ṣe gbogbo géèmù ló lò ó. Àwọn kan kàn ya àwòrán tí kò tó 4K, wọ́n wá fà á gùn kó lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n. Microsoft ní tiwọn dúró di oṣù kọkànlá 2017 kí wọ́n tó gbé Xbox One X jáde, èyí tó ní tẹráfọ́ọ̀pù 6. Tí ẹ bá fi wé Xbox One tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ó ju ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀ lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ géèmù lè ya píksẹ̀lì 4K pé pérépéré lórí rẹ̀, láìyá èyíkéyìí lò.

Ibi tí ìwọ̀n àwòrán kò dé

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń jiyàn lé lórí nílé géèmù: ṣé tí mo bá dín ìwọ̀n àwòrán kù, ṣé eré náà á yá sí i? Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà mìíràn, kò ní yí padà rárá, ìdí rẹ̀ sì wà.

Ẹ̀yà méjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọpọlọ ẹ̀rọ ló ń ro ohun tí agbábọ́ọ̀lù 22 fẹ́ ṣe, ibi tí bọ́ọ̀lù máa fò dé, bóyá ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú bí ẹnìkan ṣe gbá ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa ránṣẹ́ sí ayàwòrán pé kó yà á. Iṣẹ́ ọpọlọ kò mọ̀ bóyá 720p ni tàbí 4K. Agbábọ́ọ̀lù 22 náà ni. Nítorí náà, ìwọ̀n àwòrán máa ń wọ ayàwòrán lọ́rùn, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ọpọlọ.

PlayStation 4 Pro fi èyí hàn kedere. Ayàwòrán rẹ̀ lágbára ju ìlọ́po méjì lọ, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò kúrò ní gígàhátísì 1.6 ju 2.1 lọ, ìyẹn bí ìdá mẹ́ta péré lé. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ géèmù tó ń ya àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lórí ẹ̀rọ ti 2013 fi wá mọ́ sí i lórí Pro, tí wọ́n sì dúró sórí 30 náà. Kí wọ́n tó lè dé 60, ọpọlọ gbọ́dọ̀ yára ní ìlọ́po méjì, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà lè dán èyí wò fúnra rẹ̀ kó tó náwó. Kó ṣí ibi tí géèmù ti ń fi iye àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan hàn, èyí tí wọ́n ń kọ ní FPS lójú ẹ̀rọ. Kó dúró sí ibì kan nínú géèmù, kó kọ iye náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó lọ sí Resolution, kó sọ 1920 x 1080 di 1280 x 720, kó sì padà sí ojú ibi kan náà. Tí iye náà bá fò láti 35 dé 60, ayàwòrán ló ń rù ju agbára lọ, ayàwòrán tuntun sì máa ràn án lọ́wọ́. Tí ó bá wà ní 35, tàbí tó kàn lé díẹ̀, ọpọlọ ló ń fà á sẹ́yìn. Bó bá ra ayàwòrán tó wọ́n jù lọ́jà sínú kọ̀ǹpútà yẹn, 35 náà ló ṣì máa máa rí. Mo rò pé ìdánwò yìí nìkan lè gba owó ọ̀pọ̀ ènìyàn là, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Bàtá mítà méjì

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ onílé géèmù tí ọmọ yẹn ń bá sọ̀rọ̀. Ká sọ pé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ jẹ́ íńṣì 43, àga àwọn ọmọ sì wà ní nǹkan bí mítà méjì sí i. Ó ń rò ó bóyá kó ta PlayStation 4 rẹ̀, kó fi owó kún un, kó ra Pro. Ṣé àwọn ọmọ á rí ìyàtọ̀?

Tẹlifíṣọ̀n íńṣì 43 fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 95. Tí ẹ bá pín in sí 1,920, píksẹ̀lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí ìdajì mìlímítà. Tí ẹ bá pín in sí 3,840, ó jẹ́ ìdá mẹ́rin mìlímítà kan. Nísinsìnyí, ojú ènìyàn tó ríran dáadáa ní òpin. Ní mítà méjì, ohun kékeré jù tó lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì jẹ́ nǹkan bíi 0.6 mìlímítà. Píksẹ̀lì 1080p ti kéré ju ìyẹn lọ. Ìyẹn ni pé láti orí àga yẹn, àwòrán 1080p tí wọ́n yà dáadáa ti kún ojú àwọn ọmọ tán. Píksẹ̀lì mẹ́fà mílíọ̀nù tí 4K fi lé e, ojú wọn kò lè kó gbogbo rẹ̀.

Àwọn ọmọ tó bá jókòó sórí ẹní ní mítà kan sí ojú tẹlifíṣọ̀n yóò rí i, torí níbẹ̀ ojú lè yà 0.3 mìlímítà sọ́tọ̀. Bákan náà, tí tẹlifíṣọ̀n bá jẹ́ íńṣì 65, ìyàtọ̀ náà á hàn láti orí àga mítà méjì. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un o: etí nǹkan tó ń sáré, tó ń dà bí eyín ayùn, máa ń hàn láti ọ̀nà jíjìn ju bí ìṣirò yìí ṣe sọ lọ, nítorí ojú ènìyàn yára rí ohun tó bá ń ta kíjí-kíjí. Níbẹ̀, píksẹ̀lì púpọ̀ ń ṣe ìrànwọ́ díẹ̀.

Fún ilé géèmù tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń ta jù, tí tẹlifíṣọ̀n kò ju íńṣì 43 lọ, èmi kò rí ìdí tí onílé fi máa náwó sí Pro nítorí 4K nìkan. Pádì tuntun méjì àti ìjókòó tó dára á mú àwọn ọmọ padà wá ju ìyẹn lọ. Tí tẹlifíṣọ̀n bá tóbi, tàbí tí wọ́n bá ń ta àwọn géèmù tí àwòrán rẹ̀ wúwo, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ẹni tó bá sì pinnu láti rà á lálòkù gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń rà. Oríṣi PlayStation 4 mẹ́ta ló wà lọ́jà, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Ẹ yí ẹ̀rọ náà padà, kí ẹ ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CUH-1 ni ti 2013. CUH-2 ni èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó jáde ní 2016. CUH-7 ni Pro. CUH-1 àti CUH-2 kò lè fi 4K ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n láéláé, 1080p ni òpin wọn, wáyà yòówù kí ẹ fi so ó. Pro tún máa ń dà bí búrẹ́dì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n tò léra, nígbà tí àwọn yòókù jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì.

Tí ẹ bá ti so Pro mọ́ tẹlifíṣọ̀n 4K, ẹ ní kí olùtajà tan án níwájú yín, kí ó lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Sound and Screen, kó ṣí Video Output Settings. Lábẹ́ Resolution, ẹ gbọ́dọ̀ rí 2160p. Tí ó bá jẹ́ pé 1080p nìkan ló ṣeé yàn, ẹ yí ihò tẹlifíṣọ̀n padà kí ẹ tó bínú sí ẹnikẹ́ni, torí lára àwọn tẹlifíṣọ̀n kan, kì í ṣe gbogbo ihò HDMI ló ń gba 4K. Wáyà HDMI àtijọ́ náà lè fà á.

Ẹni tó bá sì ti ra Pro ṣùgbọ́n tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1080p kò pàdánù tán. Láti 2018, ohun kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Supersampling Mode. Tí géèmù náà bá fara mọ́ ọn, ẹ̀rọ á ya àwòrán tó tóbi ju 1080p lọ, á wá sún un kì kó lè wọ tẹlifíṣọ̀n. Etí nǹkan á jọ̀lọ̀ sí i, eyín ayùn á dínkù.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná, èyí tí àwọn tó ń lo sólà nílé géèmù kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Sony kọ ìwọ̀n iná tó ga jù tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lè fà: ti 2013 àkọ́kọ́ jẹ́ wáàtì 250, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ 165, Pro àkọ́kọ́ sì jẹ́ 310. Wọn kì í sábà dé iye yẹn bí a bá ń ta géèmù, àmọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ṣì wà níbẹ̀. Onílé géèmù tí sólà rẹ̀ ń gbé ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì àti tẹlifíṣọ̀n méjì láti ìrọ̀lẹ́ dé aago mẹ́wàá òru lè rí i pé bí òun ṣe fi Pro méjì rọ́pò wọn, bátìrì ti ń kú ṣáájú aago mẹ́wàá. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú bátìrì náà. Píksẹ̀lì tó pọ̀ sí i ló ń jẹ iná tó pọ̀ sí i, ooru rẹ̀ sì ń jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ní àsìkò ọyẹ́, tí eruku bá dí ibi tí fáànù ti ń mí, Pro á kọ́kọ́ máa hó bí ẹ̀rọ ọlọ. Lẹ́yìn náà, á fi ìkìlọ̀ ooru hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, á sì kú nígbà tí bọ́ọ̀lù ku ìṣẹ́jú méjì kó parí, tí àwọn ọmọ méjèèjì á sì máa béèrè owó wọn.